Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣírò Agbára Iná Tí Mọ́tò Ń Fà, àti Kapásítọ̀ Tó Lè Dín Ẹrù Wáyà Kù

Mọ́tò iná tó ń yí ẹ̀rọ ìlọta kì í fi gbogbo kọ́rẹ́ǹtì tó ń fà ṣiṣẹ́. Apá kan nínú rẹ̀ ló ń lọ ata, tó sì ń di ooru àti ariwo. Apá kejì kàn ń ti orí wáyà wọ inú mọ́tò ni, ó tún ń padà síbi tó ti wá, láìlọ ata kankan. Nítorí apá kejì yìí ni wáyà fi ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, òun náà ló sì ń mú kí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n kọ 5 kVA sí lára máa kérora lábẹ́ mọ́tò tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an kò tó 4 kW. Ìṣirò tó ń ya apá méjèèjì sọ́tọ̀ kò ju ìsọdipúpọ̀, pínpín àti wíwá gbòǹgbò lọ. Ìṣirò kan náà ló ń sọ ìwọ̀n kapásítọ̀ tó yẹ kí wọ́n so mọ́ mọ́tò náà kí ẹrù orí wáyà lè fúyẹ́.

Ohun tí òòfà ń ṣe sí kọ́rẹ́ǹtì

Iná tó ń wá láti orí òpó kì í ṣàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo bí iná bátìrì. Ó ń lọ síwájú, ó ń padà sẹ́yìn, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú áyọ́ọ̀nù tàbí kẹ́tù, kọ́rẹ́ǹtì ń bá fóòtéèjì rìn ẹsẹ̀ kan náà: bí fóòtéèjì bá gòkè, kọ́rẹ́ǹtì á gòkè; bó bá wálẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì á wálẹ̀. Gbogbo ohun tí irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ bá gbà ló ń di ooru, kò sí èyí tó ń dá padà.

Mọ́tò yàtọ̀. Wáyà bàbà tí wọ́n wé sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ di òòfà kí irin àárín tó lè yí. Michael Faraday ti fi hàn ní ọdún 1831 pé òòfà tó bá ń yí padà máa ń bí fóòtéèjì nínú wáyà tó wà nítòsí rẹ̀. Fóòtéèjì tí òòfà mọ́tò bí yìí ń ta ko èyí tó ń ti òpó bọ̀, kì í sì í jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì tètè gòkè tàbí tètè wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kọ́rẹ́ǹtì mọ́tò fi máa ń pẹ́ lẹ́yìn fóòtéèjì. Nígbà tí òòfà bá ń gbilẹ̀, ó ń gba agbára lórí wáyà. Nígbà tó bá ń ṣá, ó ń dá agbára náà padà. Nígbà 100 ni gbígbà àti dídápadà yìí ń wáyé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ nínú fíríìjì, nínú ẹ̀rọ omi, nínú ẹ̀rọ amúlétutù, nínú ẹ̀rọ tí àwọn alájórin ń lò àti nínú gbogbo ohun èlò tó ń fi òòfà ṣiṣẹ́.

Agbára tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí dà bí èrò tó wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Èkó, tó tún bá ọkọ̀ náà padà, tí kò sì san kọ́bọ̀. Kò fi owó kún àpò awakọ̀, síbẹ̀ ó jókòó sí àyè tí ẹlòmíràn ì bá jókòó sí. Àyè orí wáyà, ti inú tíráńsífọ́mà àti ti inú jẹnẹrétọ̀ ni agbára àlọbọ̀ ń gbà.

Agbára mẹ́ta, igun mẹ́ta

Agbára àkọ́kọ́ ni agbára oníṣẹ́. Wáàtì ni wọ́n fi ń kà á, lẹ́tà P sì ni wọ́n fi ń dúró fún un. Òun ló ń lọ ata, tó ń fa omi, tó ń mú ilé tutù, òun sì ni mítà ilé ń kà bí yúníìtì. Agbára kejì ni agbára àlọbọ̀, èyí tí òòfà ń gbà tó sì ń dá padà. Lẹ́tà rẹ̀ ni Q, fáà ni wọ́n sì fi ń kà á. Agbára kẹta ni agbára àfojúrí, S, èyí tí ènìyàn á rí bó bá kàn fi fóòtéèjì sọ kọ́rẹ́ǹtì di púpọ̀ láìbéèrè bóyá àwọn méjèèjì ń rìn ẹsẹ̀ kan náà. Fóòtì-áḿpíà ni wọ́n fi ń kà á, òun náà sì ni VA tí wọ́n ń kọ sára jẹnẹrétọ̀, ínfátà àti tíráńsífọ́mà. Ìdí tí wọ́n fi ń kọ VA sára wọn dípò wáàtì ni pé ìwọ̀n kọ́rẹ́ǹtì ló ń pinnu bí wáyà inú wọn ṣe máa gbóná tó, ì báà jẹ́ kọ́rẹ́ǹtì tó ń ṣiṣẹ́ tàbí èyí tó kàn ń lọ tó ń bọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn ro P àti Q pọ̀ kó sì pe àpapọ̀ wọn ní S. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì kì í dé góńgó lásìkò kan náà. Bí P bá jẹ́ ìlà tó dùbúlẹ̀, Q ni ìlà tó dúró ṣánṣán lórí òpin rẹ̀, S sì ni ìlà tó dà gẹ̀rẹ̀ tó so orí àti ìdí wọn pọ̀. Òfin Pitagórà tí wọ́n ń kọ́ ní ilé-ìwé girama ló so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀:

```
S² = P² + Q²
PF = P ÷ S
```

PF yẹn ni páwà fákítọ̀. Ó ń sọ ìdá tó ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo ohun tí wáyà ń gbé. Páwà fákítọ̀ kẹ́tù jẹ́ 1, nítorí pé kò ní Q kankan. Ti mọ́tò máa ń kéré sí 1, ó sì tún ń kéré sí i bí iṣẹ́ ọwọ́ mọ́tò náà bá ṣe ń dín kù.

Ìwọ̀n tó yẹ kó wà nílẹ̀ kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí àpẹẹrẹ jẹ́ ẹ̀rọ ìlọta kan tí mọ́tò rẹ̀ tó bí họ́ọ̀sì-páwà 3, tó ń lo iná olókùn kan, ìyẹn wáyà iná kan àti nútíráà. Nọ́ḿbà mẹ́ta ni wọ́n nílò, gbogbo wọn ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ kà nígbà tí ata wà lẹ́nu ẹ̀rọ, nítorí pé mọ́tò tó ń yí lófìfo kì í fa ohun tí mọ́tò tó ń lọta ń fà.

Àkọ́kọ́ ni fóòtéèjì lẹ́nu mọ́tò. Ti àpẹẹrẹ yìí jẹ́ fóòtì 230. Ìkejì ni kọ́rẹ́ǹtì. Mítà aláàgbá tó ń gbá wáyà mú láìgé e ló rọrùn jù fún èyí, àmọ́ wáyà kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ gbá mú. Bó bá gbá wáyà iná àti nútíráà mú pọ̀, kọ́rẹ́ǹtì tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ á pa ara wọn rẹ́, mítà á sì kọ òdo. Áḿpíà 20 ni mítà kọ níhìn-ín.

Ìkẹta ni wáàtì. Ẹni tó bá ní mítà wáàtì á kà á tààrà. Ẹni tí kò bá ní in lè lo mítà iná ilé-iṣẹ́ náà. Iná pupa kékeré kan máa ń ṣẹ́jú lójú ọ̀pọ̀ mítà ìgbàlódé, wọ́n sì máa ń kọ iye ìṣẹ́jú tó jẹ́ yúníìtì kan sára mítà, bí àpẹẹrẹ 1000 imp/kWh. Wọ́n á pa gbogbo ohun èlò yòókù, wọ́n á jẹ́ kí mọ́tò nìkan máa lọta, wọ́n á wá ka iye ìgbà tí iná náà ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bó bá ṣẹ́jú nígbà 161, nígbà 3220 ni yóò ṣẹ́jú láàárín wákàtí kan. Níwọ̀n ìgbà tí ìṣẹ́jú 1000 jẹ́ yúníìtì kan, wáàtì 3220 ni mọ́tò náà ń fà. Mítà tí wọ́n bá kọ 1600 tàbí 3200 sí lára ní ìṣirò tirẹ̀, nítorí náà nọ́ḿbà ara mítà ni kí wọ́n wò kí wọ́n tó pín.

Nọ́ḿbà tí ilé-iṣẹ́ kọ sára mọ́tò kò lè rọ́pò ìwọ̀n yìí. Họ́ọ̀sì-páwà ara mọ́tò ń sọ agbára tó ń ti ara irin tó ń yí jáde, kì í ṣe èyí tó ń ti orí wáyà wọlé. Mọ́tò tí àwọn atúnwáyàṣe sì ti tún wé lè má fa ohun tí wọ́n kọ sí i lára nígbà tó ṣì wà ní tuntun.

Ìṣirò agbára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

Bí nọ́ḿbà mẹ́ta yìí bá ti wà lọ́wọ́, ìlà mẹ́rin péré ló kù:

```
S  = V × I = 230 × 20 = 4600 VA
P  = 3220 W
PF = 3220 ÷ 4600 = 0.70
Q  = √(4600² − 3220²) = √10791600 ≈ 3285 VAr
```

Ohun tí èyí ń sọ ni pé wáyà ń gbé fóòtì-áḿpíà 4600 kí mọ́tò lè fi wáàtì 3220 ṣiṣẹ́. Agbára àlọbọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ju agbára oníṣẹ́ lọ díẹ̀. Ká ní kọ́rẹ́ǹtì àti fóòtéèjì ń rìn ẹsẹ̀ kan náà ni, 3220 tí wọ́n bá pín sí ọ̀nà 230 jẹ́ áḿpíà 14 péré. Áḿpíà mẹ́fà tó lé lórí 14 yẹn ni òòfà dá sílẹ̀.

Kapásítọ̀ tó yẹ

Kapásítọ̀ náà máa ń gba agbára, ó sì máa ń dá a padà, àmọ́ àsìkò tirẹ̀ dojú kọ ti òòfà. Ìgbà tí òòfà bá ń gbà ni kapásítọ̀ ń dá padà. Ìgbà tí òòfà bá ń dá padà ni kapásítọ̀ ń gbà. Bí wọ́n bá so ó mọ́ ẹnu mọ́tò, ní ìbú, ìyẹn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lórí wáyà iná kí èkejì wà lórí nútíráà, àwọn méjèèjì á máa ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ara wọn. Agbára àlọbọ̀ kò ní nílò àtirìn láti ọ̀nà jíjìn mọ́.

Ìbéèrè tó kàn ni ibi tí wọ́n fẹ́ gbé páwà fákítọ̀ dé. Ẹ jẹ́ kí àfojúsùn jẹ́ 0.95. Wọ́n á kọ́kọ́ wá agbára àlọbọ̀ tí wáyà yóò ṣì máa gbé bí páwà fákítọ̀ bá ti di 0.95. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ti tẹ́lẹ̀, èyí tó bá kù ni iṣẹ́ kapásítọ̀:

```
S2 = 3220 ÷ 0.95 ≈ 3389.5 VA
Q2 = √(3389.5² − 3220²) ≈ 1058 VAr
Qc = 3285 − 1058 = 2227 VAr
```

Kapásítọ̀ kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í sábà ní fáà lára; máíkírò-fárádì ni wọ́n ń kọ sí i. Ìlà kan yìí ló ń yí fáà padà sí fárádì, f inú rẹ̀ sì ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 50:

```
C = Qc ÷ (2 × π × f × V²)
C = 2227 ÷ (2 × 3.1416 × 50 × 230²) ≈ 0.000134 F
```

Máíkírò-fárádì mílíọ̀nù kan ló wà nínú fárádì kan, nítorí náà máíkírò-fárádì 134 ni ìdáhùn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nínú ìlà yìí ni pé wọ́n ń gbàgbé láti fi 230 sọ 230 di púpọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé á rí ìdáhùn tó tóbi ní ìlọ́po 230, ìyẹn á sì lé ní máíkírò-fárádì 30,000, èyí tí kò sí oníṣẹ́ tó máa fi ojú rí i tí kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹ̀.

Kò sí ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ rí 134 gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá so 50 méjì àti 30 kan ní ìbú, ìwọ̀n wọn á ro pọ̀ di 130. Kapásítọ̀ 130 yìí ń dá fáà bíi 2160 lóhùn. Agbára àlọbọ̀ tó kù lórí wáyà á jẹ́ 1125, agbára àfojúrí á di 3411, kọ́rẹ́ǹtì á sì wálẹ̀ láti 20 sí áḿpíà 14.8. Páwà fákítọ̀ á di 0.94, èyí tó sún mọ́ àfojúsùn dáadáa.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò gbé e dé 1. Nọ́ḿbà fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn. Fáà 2227 àkọ́kọ́ yọ áḿpíà 5.3 kúrò lórí wáyà. Láti ti 0.95 dé 1, kapásítọ̀ gbọ́dọ̀ fi fáà 1058 kún un, ìyẹn tó bí ìdajì ti àkọ́kọ́, àmọ́ kò ní yọ ju áḿpíà 0.7 lọ. Owó kapásítọ̀ ń pọ̀ sí i nígbà tí èrè ń tán lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí iṣẹ́ mọ́tò bá dín kù, kapásítọ̀ tó ti kún dé 1 lè kọjá ààlà, kí kọ́rẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájú fóòtéèjì, èyí tí fóòtéèjì jẹnẹrétọ̀ kékeré lè tìtorí rẹ̀ gòkè ju bó ṣe yẹ lọ.

Rírà àti síso

Oríṣi kapásítọ̀ méjì ló wà fún mọ́tò, ewu sì wà nínú kí wọ́n ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Èyí tí wọ́n fi ń ta mọ́tò jí wúlò fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré. Bó bá dúró lórí iná, á gbóná, á wú, ó sì lè bẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe láti máa wà lórí iná títí ni wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí. Fóòtì 400 tàbí 440 ló yẹ kó wà lára rẹ̀, pẹ̀lú àmì pé fún iná òpó ni. Èyí tí wọ́n kọ 250 sí lára kò dára fún un, nítorí pé iná òpó máa ń gòkè kọjá 230 nígbà míràn.

Ọ̀pọ̀ mọ́tò olókùn kan ti ní kapásítọ̀ kan lẹ́yìn tẹ́lẹ̀. Ìyẹn wà lójú ọ̀nà wáyà kejì tó ń mú mọ́tò yí, iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Wọn kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́, wọn kò sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ìwọ̀n rẹ̀. Tuntun ni èyí tí ìṣirò yìí ń sọ, ẹnu wáyà tó ń wọ mọ́tò ni wọ́n sì ń so ó mọ́.

Ẹ̀yìn súìṣì mọ́tò ló yẹ kó wà, kó lè tàn kó sì kú pẹ̀lú mọ́tò. Bó bá dá wà lórí iná nígbà tí mọ́tò ti kú, kò sí òòfà tí yóò bá ṣe pàṣípààrọ̀, òun fúnra rẹ̀ á wá di ẹrù lórí wáyà. Àmọ́ síso ó mọ́ ẹnu mọ́tò ní ààlà tirẹ̀: fáà kapásítọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 90 nínú 100 ti agbára àlọbọ̀ tí mọ́tò ń gbà nígbà tó ń yí lófìfo. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, mọ́tò tí wọ́n pa tó ṣì ń yí lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi jẹnẹrétọ̀, kó sì bí fóòtéèjì tó lè ba wáyà inú rẹ̀ jẹ́. Ká ní mọ́tò àpẹẹrẹ yìí ń gba fáà 2900 lófìfo, ìdá 90 rẹ̀ jẹ́ 2610. Kapásítọ̀ 2160 kò kọjá ààlà náà.

Bí mọ́tò bá ní ẹ̀rọ tó ń pa á nígbà tí kọ́rẹ́ǹtì bá pọ̀ jù, ibi tí kapásítọ̀ wà sí ẹ̀rọ náà ṣe pàtàkì. Wáyà inú mọ́tò ṣì ń gbé áḿpíà 20 rẹ̀. Wáyà tó ń bọ̀ látìta nìkan ló fúyẹ́. Bí kapásítọ̀ bá wà láàárín ẹ̀rọ náà àti mọ́tò, áḿpíà 14.8 ni ẹ̀rọ náà á máa rí. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lórí 20, mọ́tò lè jóná kó tó pa á. Ó yẹ kí wọ́n yí i wálẹ̀ bá kọ́rẹ́ǹtì tuntun, tàbí kí wọ́n so kapásítọ̀ sí ìṣáájú ẹ̀rọ náà.

Kapásítọ̀ máa ń di iná mú lẹ́yìn tí wọ́n bá pa súìṣì. Ní góńgó iná 230, fóòtì 325 lè ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, ìyẹn sì tó láti gbọn ènìyàn dànù. Ìlànà àgbáyé IEC 60831 béèrè pé kí résísítọ̀ wà lára rẹ̀ tí yóò mú fóòtéèjì náà wálẹ̀ sí 75 tàbí kó kéré sí i láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Fún máíkírò-fárádì 130, résísítọ̀ kílò-óòmù 470 tó lè gba fóòtéèjì yìí á ṣe é láàárín ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Síbẹ̀, mítà ni kí wọ́n fi wò ó kí ọwọ́ tó kàn án.

Ohun tó yí padà àti ohun tí kò yí padà

Ibi tí èrè ti hàn kedere jù ni jẹnẹrétọ̀ àti tíráńsífọ́mà. Mọ́tò tó ń gba 4.6 kVA nínú jẹnẹrétọ̀ 5 kVA kò fi àyè sílẹ̀ fún nǹkan míràn. Lẹ́yìn kapásítọ̀, 3.4 ló ń gbà nígbà tó bá ti ń yí. Àyè tó ṣí sílẹ̀ yìí kò kan kọ́rẹ́ǹtì ńlá tí mọ́tò ń fà nígbà tó bá ń jí, ìyẹn ní ìṣirò tirẹ̀.

Èrè wà lórí wáyà pẹ̀lú, nítorí pé ooru wáyà ń tẹ̀lé kọ́rẹ́ǹtì tí wọ́n fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀. Wáyà bàbà oní-2.5 tó gùn ní mítà 20 láti mítà iná dé ìdí mọ́tò ní bíi óòmù 0.3 ní àlọ àti àbọ̀. Ní áḿpíà 20, wáàtì 120 ń di ooru lórí rẹ̀. Ní 14.8, ó di 66.

Wáàtì 54 yìí nìkan ni mítà iná á fi rí ìyàtọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń lọta fún wákàtí mẹ́fà lóòjọ́, ìdá mẹ́ta yúníìtì kan ni èrè náà kò fi bẹ́ẹ̀ jù lọ, nígbà tí mọ́tò fúnra rẹ̀ ń jẹ yúníìtì tó lé ní 19. Mítà ilé ń ka agbára oníṣẹ́, kapásítọ̀ kò sì yọ wáàtì kan kúrò nínú ohun tí ata nílò. Nítorí náà, àpótí kékeré tí wọ́n ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì ń polówó pé yóò gé owó iná ilé sí ìdajì kò lè ṣe ohun tí wọ́n sọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ń gbówó agbára àfojúrí tàbí owó ìtanràn páwà fákítọ̀ lọ́wọ́ wọn ni kapásítọ̀ ń dín owó kù fún lójú ìwé.

Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́ mọ́

Mítà aláàgbá kan náà tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ló ń ṣàyẹ̀wò rẹ̀. Kọ́rẹ́ǹtì tó yẹ kó máa kọjá lórí ẹsẹ̀ kapásítọ̀ 130 ní fóòtì 230 jẹ́ áḿpíà 9.4. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ 9.4 kúrò nínú 20 kó sì retí 10.6 lórí wáyà. Kọ́rẹ́ǹtì méjèèjì kì í rìn ẹsẹ̀ kan náà, 14.8 ni wáyà yóò gbé. Bí ti ẹsẹ̀ kapásítọ̀ bá wá sí 7 nígbà tí fóòtéèjì kò yí padà, kapásítọ̀ náà ti pàdánù bí ìdá mẹ́rin agbára rẹ̀. Bí ti wáyà bá padà sí 20, ó ti kú.

Fóòtéèjì tó rẹlẹ̀ tún lè mú kí ó dà bíi pé kapásítọ̀ ti bàjẹ́. Fáà rẹ̀ ń tẹ̀lé fóòtéèjì tí wọ́n fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, nítorí náà bí iná bá wá sí fóòtì 180, kapásítọ̀ tó ń dá 2160 lóhùn kò ní dá ju bíi 1320 lọ. Kò bàjẹ́, iná ni kò tó.

Bí kọ́rẹ́ǹtì ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ga ju 9.4 lọ dáadáa nígbà tí fóòtéèjì wà ní 230, iná náà ló ti dọ̀tí. Ínfátà tí iná rẹ̀ kò mọ́lọ̀ àti ẹ̀rọ tí ń yí eré mọ́tò padà máa ń da ìgbì kéékèèké tó yára ju ti 50 lọ sórí wáyà, kapásítọ̀ sì ń fa irú ìgbì bẹ́ẹ̀ mọ́ra títí tí yóò fi gbóná. Wọn kì í so kapásítọ̀ yìí sí ẹ̀yìn irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láéláé. Níbi tí irú iná yìí bá wà, ìlà PF àti Q òkè yìí kò pé mọ́, mítà tó lè ka ìgbì náà ni wọ́n nílò.

Fún mọ́tò olókùn mẹ́ta, ọ̀nà kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé S jẹ́ 1.732 × V × I, níbi tí V jẹ́ fóòtéèjì láàárín okùn méjì. Fáà tí wọ́n bá rí ni wọ́n á pín sí mẹ́ta fún kapásítọ̀ mẹ́ta.

Ẹni tó bá fẹ́ ra kapásítọ̀ fún mọ́tò rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka fóòtéèjì, kọ́rẹ́ǹtì àti wáàtì nígbà tí ẹ̀rọ náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Oníṣẹ́ tó bá dárúkọ ìwọ̀n kapásítọ̀ kan láìtíì ka àwọn mẹ́ta yìí ń méfò ni, kò sì yẹ kí wọ́n gbà á láyè láti so ó.